Iṣẹ́ Lè Yàtọ̀, Kí Iye Rẹ̀ Dọ́gba: Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Pé Wọ́n Ń Rẹ́ Obìnrin Jẹ Lórí Owó Iṣẹ́

Bí ẹ bá wọ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pa kajú ní agbègbè Ṣábẹ̀ẹ́, tí ẹ bi àwọn obìnrin tó jókòó ti tábìlì, tí wọ́n ń ṣà á, bóyá owó tiwọn àti ti ọkùnrin dọ́gba, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi ìbéèrè dá yín lóhùn: "Ọkùnrin wo? Ṣé ẹ rí ọkùnrin tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni?" Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Wọ́n gbà pé ohun tí òfin sọ kò ju pé kí ọkùnrin àti obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà máa gba owó kan náà. Níbi tí kò bá ti sí ọkùnrin nídìí iṣẹ́ obìnrin, kò sí ẹni tí a ó fi obìnrin wé. Ọ̀gá gbà bẹ́ẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ náà gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ní 1951, Àjọ Àgbáyé tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ṣe Àdéhùn 100, tó ní kí ọkùnrin àti obìnrin gba owó tó dọ́gba fún iṣẹ́ tí iye rẹ̀ bá dọ́gba. Orílẹ̀-èdè wa tọwọ́ bọ̀ ọ́ ní 1968, nígbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní Dàhòmì. Ìwé òfin iṣẹ́ ti Bẹ̀nẹ̀, tó jáde ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní 1998, náà mẹ́nu kan ọ̀nà méjèèjì: iṣẹ́ kan náà, àti iṣẹ́ tí iye rẹ̀ dọ́gba. Ọ̀nà kejì yìí ni àwọn ènìyàn kì í kà dé. Àwọn tó kọ òfin mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ kan náà nìkan ni wọ́n kọ, ọ̀gá tó bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òfin kò ní ju kí ó kó obìnrin sí yàrá kan, kí ó kó ọkùnrin sí òmíràn, kí ó sì fún yàrá kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀.

Báwo wá ni iṣẹ́ méjì tí kò jọra ṣe lè ní iye kan náà? Kì í ṣe iye tí ọ̀gá ń san ni à ń sọ, nítorí ìyẹn gan-an ni à ń yẹ̀ wò. Ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é ni. Ohun mẹ́rin ni àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ máa ń wò: ìmọ̀ tí iṣẹ́ náà gbà, ìyẹn ìwé tàbí ìrírí, agbára tí ó ń gbà, ti ara àti ti ọpọlọ, ẹrù-iṣẹ́ tó wà lọ́rùn ẹni náà, ìyẹn ohun tí yóò bàjẹ́ bí òun bá ṣe àṣìṣe, àti irú ibi tí ó ti ń ṣe é, bóyá ooru ni, tàbí eruku, tàbí ariwo. Gbogbo iṣẹ́ ló ní díẹ̀díẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìdí nìyẹn tí a fi lè gbé wọn sórí òṣùwọ̀n kan.

Ẹ jẹ́ ká gbé e sórí òṣùwọ̀n náà. Ilé-iṣẹ́ tí mo fẹ́ lò yìí, èmi ni mo dá a sílẹ̀ fún àpẹẹrẹ, owó inú rẹ̀ náà ti àpẹẹrẹ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ohun tí ẹ óò rí níbikíbi tí wọ́n bá ti ń pa kajú. Wọ́n á kọ́kọ́ fi oru omi gbígbóná se kóró náà nínú ìkòkò irin ńlá, kí èèpo rẹ̀ lè ṣe é fọ́. Wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á sá ọmọ inú rẹ̀ sínú ààrò, wọ́n á bó awẹ́lẹ́ ara rẹ̀ kúrò, wọ́n á wá ṣà á sí oríṣi. Ọkùnrin ló wà nídìí ìkòkò oru. Obìnrin ló wà nídìí ìṣàṣà.

Ọkùnrin ìkòkò oru ní láti mọ aago tó ń fi agbára oru hàn, kí ó mọ ìgbà tí kóró ti jinná tó, nítorí bí kò bá jinná, yóò fọ́ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń fọ́ ọ, bó bá sì jinná jù, ọmọ inú rẹ̀ á pọ́n. Ó ń gbé àpò tó wúwo. Ó ń dúró nínú ooru látàárọ̀. Bí ó bá ṣi oru lò, ìkòkò lè bẹ́. Iṣẹ́ tó le ni, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fojú kéré rẹ̀.

Obìnrin tó ń ṣà kajú ńkọ́? Ọ̀pọ̀ máa ń sọ pé ó kàn jókòó ni. Ẹ wo ohun tó ń ṣe. Òun ló ní láti fi ojú nìkan mọ èyí tó jẹ́ W240 yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ W320. Nọ́ńbà yẹn ń sọ iye ọmọ kajú odidi tó ń wọ ìwọ̀n pọ́ùn kan, tí kò tó ìdajì kílò: W320, nǹkan bí 300 sí 320. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọmọ kajú méjèèjì kò tó nǹkan lójú èmi àti ẹ̀yin, ṣùgbọ́n iye tí oníbàárà ń san lórí wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ó tún ní láti yọ èyí tó fọ́, èyí tó pọ́n, èyí tí kòkòrò ti lu, kí ó sì ṣe é kíákíá, ní wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, láìgbójú sókè. Kò sí ẹni tó ń mọ èyí lọ́sẹ̀ kan. Bí ó bá ṣì í ṣà, wọ́n lè dá odidi kọ̀ǹténà padà láti èbúté tí wọ́n kó o lọ.

Ní báyìí, kí a tó dárúkọ ẹnikẹ́ni, kí a pín 100 sí ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ìmọ̀ 35, ẹrù-iṣẹ́ 30, agbára 20, ibi iṣẹ́ 15. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ lè wà ní ìpele kìíní títí dé ìkarùn-ún, ìpele ìkarùn-ún ló sì ń gba gbogbo àmì. Fún ìṣàṣà, mo fi ìmọ̀ sí ìpele kẹrin, agbára sí ìkẹta nítorí ojú àti ọpọlọ tí kò sinmi, ẹrù-iṣẹ́ sí ìkẹta, ibi iṣẹ́ sí ìkejì. Ìyẹn jẹ́ 28, 12, 18 àti 6, àpapọ̀ 64. Fún ìkòkò oru, ìmọ̀ ìkẹta, agbára ìkẹrin, ẹrù-iṣẹ́ ìkẹta, ibi iṣẹ́ ìkẹrin: 21, 16, 18 àti 12, àpapọ̀ 67.

64 àti 67. Kò sí ẹni tó lè wọn iṣẹ́ ènìyàn débi pé yóò máa jà lórí àmì mẹ́ta. Nítorí náà ni wọ́n fi máa ń kó àmì sínú ẹgbẹ́, bí àpẹẹrẹ láti 60 dé 69, tí gbogbo iṣẹ́ tó bá bọ́ sínú ẹgbẹ́ kan yóò jẹ́ iṣẹ́ tí iye rẹ̀ dọ́gba. Iṣẹ́ méjèèjì yìí dọ́gba.

Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà tàn yín jẹ o. Ọ̀gá tó bá gbọ́n lè fi òṣùwọ̀n kan náà gbé ìrẹ́jẹ kalẹ̀, èyí sì ni ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti la ojú yín jù. Ẹ jẹ́ kí ó pín 100 rẹ̀ báyìí: agbára 45, ìmọ̀ 20, ibi iṣẹ́ 20, ẹrù-iṣẹ́ 15. Kí ó wá sọ pé agbára tí òun mọ̀ ni gbígbé ẹrù, pé ojú tí kò ṣẹ́ àti ọpọlọ tí kò sinmi kì í ṣe agbára. Ìṣàṣà á bọ́ sí ìpele kìíní lábẹ́ agbára. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: 9, 16, 8 àti 9, àpapọ̀ 42. Ìkòkò oru á di 36, 12, 16 àti 9, àpapọ̀ 73. Àwọn ènìyàn náà ni, tábìlì náà ni, ìkòkò náà ni. Yàtọ̀ sí ìpele kan ṣoṣo tó fà wálẹ̀, kò fọwọ́ kan ìpele kankan. Bí ó ṣe pín àmì, pẹ̀lú ìpele kan yẹn, ló ṣe iṣẹ́ náà fún un.

Nítorí náà, bí ilé-iṣẹ́ bá sọ pé àwọn ti wọn iṣẹ́, ẹ má béèrè èsì nìkan. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe pín àmì, ẹni tó pín in, àti bóyá obìnrin wà lára àwọn tó jókòó. Ẹ béèrè pàápàá ohun tí wọn kò kà rárá. Àwọn nǹkan tó máa ń sọnù jọ ara wọn níbi gbogbo: ìka tó ń ṣiṣẹ́ kíákíá, ìtọ́jú ènìyàn, fífarada oníbàárà tó ń bínú, ṣíṣe nǹkan mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. A máa ń pè wọ́n ní ìwà obìnrin, bí ẹni pé láti inú ìyá wọn ni wọ́n ti gbé e wá, tí a kò sì ní sanwó fún un.

Ó kù kí a wo owó. Ọkùnrin ìkòkò oru ń gba sẹ́fà 75,000 lóṣù, pẹ̀lú príìmù ooru 10,000, ìyẹn 85,000. Àwọn obìnrin kò ní owó oṣù. Kílò ni wọ́n ń kà fún wọn, sẹ́fà 45 fún kílò kan. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń dákẹ́, nítorí wọn kò mọ bí a ṣe ń fi kílò wé oṣù. Ọ̀nà rẹ̀ kò le: ẹ sọ méjèèjì di owó wákàtí kan. Wákàtí 40 lọ́sẹ̀ jẹ́ wákàtí 173 àti díẹ̀ lóṣù. Obìnrin tó ń ṣà kílò méje ní wákàtí ń gba 315. Bí ó bá ṣe gbogbo oṣù bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 54,600 ni. Ọkùnrin ń gba nǹkan bí 490 ní wákàtí. Iṣẹ́ tí àmì rẹ̀ fi mẹ́ta péré ju èkejì lọ, owó rẹ̀ fi ìdá 55 àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún jù ú lọ.

Ṣùgbọ́n 315 yẹn, ọjọ́ tó dára ni. Bí ìkòkò oru bá bàjẹ́ láàárọ̀, kóró kò ní jáde, obìnrin á jókòó ti tábìlì òfìfo. Ọkùnrin ń gba owó wákàtí yẹn, obìnrin kò gbà á. Bí wọ́n bá se kóró náà ní ìsekúsè, ọmọ kajú á fọ́ púpọ̀, ìṣàṣà á lọ́ra, obìnrin á máa ṣà kílò márùn-ún ní wákàtí, owó rẹ̀ á wálẹ̀ sí 225. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin ní Bẹ̀nẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ni 52,000, tí a bá sì pín in sí wákàtí, 300 ni. Àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀ nídìí ìkòkò ló ti obìnrin sísàlẹ̀ òfin yìí, kì í ṣe àìmọ̀ṣẹ́ rẹ̀. Sísan owó ní kílò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ obìnrin nìkan ni wọ́n ń ka kílò fún, gbogbo ewu ọjà àti ti ẹ̀rọ ti kúrò lórí ọ̀gá, ó ti bọ́ sí orí wọn.

Fún ẹni tó fẹ́ fi èyí hàn, ìwé ló máa sọ̀rọ̀. Kí àwọn obìnrin máa kọ kílò wọn lójoojúmọ́, wákàtí tí wọ́n dé àti èyí tí wọ́n lọ, pẹ̀lú wákàtí tí wọ́n fi jókòó láìríṣẹ́. Oṣù kan kò tó, nítorí kajú ní àsìkò tó ń pọ̀ àti àsìkò tó ń wọ́n. Kí wọ́n tún mọ ohun gbogbo tí ọkùnrin ń gbà, nítorí owó iṣẹ́ nínú òfin kì í ṣe owó oṣù nìkan: príìmù wà níbẹ̀, owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, oúnjẹ ọ̀sán pẹ̀lú. Ìwé owó oṣù ọkùnrin kan tó gbà kí wọ́n wò ó lè ṣe ju ariwo ogún ènìyàn lọ. Aṣojú àwọn òṣìṣẹ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ béèrè, lẹ́yìn náà ni alábẹ̀wò iṣẹ́, tí ó máa ń gbìyànjú láti parí ọ̀rọ̀ ní ìtùbí-ìnùbí kí ó tó di ti ilé ẹjọ́.

Ẹ má fi àròpọ̀ gbogbo owó ọkùnrin àti ti gbogbo obìnrin inú ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo rí i tí àwọn ènìyàn rere ń ṣe é, ó sì máa ń já wọn kulẹ̀. Bó bá jẹ́ ọkùnrin ni gbogbo ọ̀gá, àròpọ̀ owó ọkùnrin á ga, ṣùgbọ́n ìyẹn ń sọ ẹni tí wọ́n fi sípò ọ̀gá, kò sọ bí wọ́n ṣe ń san iṣẹ́ tó dọ́gba. Ọ̀rọ̀ méjì ni, méjèèjì sì lè jẹ́ ìrẹ́jẹ. Fún ti owó, iṣẹ́ kan ni kí ẹ fi wé iṣẹ́ kan.

Nígbà tí ìyàtọ̀ bá ti hàn, ọ̀gá á ní àlàyé. Kì í ṣe gbogbo àlàyé ni irọ́. Ó lè sọ pé ọkùnrin náà ti pẹ́ nídìí iṣẹ́. Ìyẹn lè jóòótọ́, ó sì rọrùn láti dán wò: ẹ mú ọkùnrin àti obìnrin tí ọdún wọn ní ilé-iṣẹ́ jọra. Bí ìyàtọ̀ bá ṣì wà níbẹ̀ láìyí padà, kì í ṣe ọdún ló fà á. Ẹ tún wò ó bóyá obìnrin tó ti ṣe ọdún mẹ́wàá ń gba ohunkóhun lórí ọdún rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń ka kílò, èyí tó lo ọdún mẹ́wàá àti èyí tó dé lánàá, 45 náà ni.

Ó lè sọ pé ooru ni òun ń san. Ṣùgbọ́n a ti ka ooru nínú àmì ibi iṣẹ́, ìyẹn 12 tí a fún ìkòkò oru. Ẹni tó bá tún fi príìmù lé e lórí ti ka ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ ooru kúrò nínú àmì, kí wọ́n san án lọ́tọ̀, ó tọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà náà kí príìmù wà fún ojú tó ń rẹ̀ àti eruku kajú pẹ̀lú.

Èyí tó le jù ni kí ó sọ pé òun kò rí ọkùnrin tó mọ ìkòkò oru lò ní iye tó kéré sí i. Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilé ẹjọ́ gíga ti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ní 1993, nígbà tí àwọn tó ń tọ́jú ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í já geere lẹ́nu rẹ̀, tó jẹ́ pé obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, fi ara wọn wé àwọn apoògùn ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé ẹjọ́ ní àìtó òṣìṣẹ́ lè jẹ́ àlàyé, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ìyàtọ̀ tó bá fà gan-an nìkan ló lè bò. Nínú àpẹẹrẹ tiwa, bí ẹ̀rí bá fi hàn pé sẹ́fà 8,000 ni ó ní láti fi kún un kí ó tó rí ẹni gbà, 8,000 náà ti ní àlàyé. Èyí tó kù kò ní. "Olórí ilé ni" tàbí "ó gbà bẹ́ẹ̀ nígbà tó wọṣẹ́" kò sì jẹ́ àlàyé rárá, nítorí wọn kò sọ ohunkóhun nípa iṣẹ́ náà.

Àwọn ọ̀gá kan máa ń mú oúnjẹ dáhùn: àwọn obìnrin ń jẹun ọ̀fẹ́. Alásè kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Bákínhẹ́ẹ̀dì, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ara rẹ̀ wé akunlé, gbẹ́nàgbẹ́nà àti ẹni tó ń fi aṣọ ooru bo páìpù. Onímọ̀ tí wọ́n yàn wọn iṣẹ́ náà, ó ní iye wọn dọ́gba. Ilé-iṣẹ́ wá ní alásè náà ń jẹun lọ́fẹ̀ẹ́, pé wọ́n tún ń san àkókò oúnjẹ rẹ̀, pé bí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, owó rẹ̀ kò kéré. Ní 1988, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ nígbà náà kọ̀ ọ́ sílẹ̀: owó oṣù ni a ó fi wé owó oṣù. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìyẹn, kò de adájọ́ Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ti Àjàṣẹ́, ṣùgbọ́n ìdí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣe é gbé síwájú ẹnikẹ́ni.

Ta ló ní láti fi ẹ̀rí hàn? Òṣìṣẹ́ tó jẹ́ pé ọ̀gá nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó kò lè fi ẹ̀rí gbogbo rẹ̀ hàn. Ilé ẹjọ́ Yúróòpù kan náà ti rí èyí ní 1989, nínú ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ kan ní Dẹ́nímáàkì níbi tí àròpọ̀ owó obìnrin tó wà nínú ẹgbẹ́ iṣẹ́ kan náà fi ìdá 6.85 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti ọkùnrin, tí kò sì sí òṣìṣẹ́ tó mọ ohun tí wọ́n fi ń fi kún owó. Wọ́n ní nígbà tí ọ̀nà ìsanwó bá ṣókùnkùn tó bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ni kí ó wá fi hàn pé kò sí ìrẹ́jẹ nínú rẹ̀. Ẹ wò ó pé àròpọ̀ ni wọ́n lò níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú ẹgbẹ́ iṣẹ́ kan ni, kì í ṣe ti gbogbo ilé-iṣẹ́.

Ibi tí gbogbo èyí ti máa ń dá dúró ni ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́. Ọ̀gá kan náà ló ní láti máa san owó méjèèjì kí a tó lè fi wọ́n wé ara wọn. Bí ilé-iṣẹ́ bá gbé ìṣàṣà fún agbaṣẹ́ṣe kan, tí agbaṣẹ́ṣe náà kó obìnrin nìkan wá, tí ọkùnrin ìkòkò oru sì wà lórúkọ ilé-iṣẹ́ gan-an, àwọn obìnrin náà ṣì jókòó ti tábìlì kan náà, ṣùgbọ́n lójú ìwé, wọn kò ní ọ̀gá kan náà pẹ̀lú ọkùnrin yẹn mọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí aṣojú òṣìṣẹ́ ní láti béèrè lọ́jọ́ tí wọ́n bá kéde agbaṣẹ́ṣe ni ẹni tó ń fi iye sẹ́fà kílò kan lélẹ̀. Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ náà ni, kí ó gba ìwé tó wà lórí rẹ̀ kí wọ́n tó kó o pamọ́.